Ìwé tẹ́tẹ́ tí kì í parọ́: Bí a ṣe ń kọ owó, ọ́ọ̀dì àti èrè sílẹ̀ kí ojú ẹni lè là

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, bí ènìyàn bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ní ìlú wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò máa gbọ́. Ẹnìkan yóò ní eré kan péré ló já tíkẹ́ẹ̀tì òun. Ẹlòmíràn yóò máa sọ iye tí òun jẹ lóṣù tó kọjá. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè pé èló ni gbogbo owó tí wọ́n ti fi ta tẹ́tẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àti pé èló ló ti padà wọlé nínú rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ ló sábà máa ń tẹ̀lé e. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ parọ́. Ọkàn ẹ̀dá kì í gbàgbé ọjọ́ tó jẹ, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń gbàgbé igba náírà tó bọ́ sọnù lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àwọn àgbà tó ń ta púùlù láyé ọjọ́un mọ ìwé tọ́jú. Wọ́n ń kọ àbájáde bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń wá nọ́ńbà tí yóò jáde gẹ́gẹ́ bí ọ̀mì. Ṣùgbọ́n ìwé eré ni ìyẹn, kì í ṣe ìwé owó. Èyí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí ni ìwé owó, èyí tí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lè ṣí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí ọdún kan, tí yóò sì sọ òtítọ́ fún un bó tilẹ̀ korò. A kò kọ ọ́ láti fa ẹnikẹ́ni wọ inú tẹ́tẹ́, ẹni tí kò bá sì tí ì pé ọmọ ọdún 18 kò ní ohunkóhun í ṣe níbẹ̀.

Ohun tí a ń kọ, àti ìgbà tí a ń kọ ọ́

Ìwé kékeré tí a fi rúlà pín sí òpó-òpó tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ lè lo fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni yóò wà nínú rẹ̀. Òpó kìíní ni ọjọ́ àti wákàtí tí a ta tẹ́tẹ́ náà. Òpó kejì ni eré náà àti ohun tí a sọ pé yóò ṣẹlẹ̀. Òpó kẹta ni owó tí a fi ta á. Òpó kẹrin ni ọ́ọ̀dì tí a gbà, ìyẹn iye tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì gan-an, kì í ṣe èyí tí a rí láàárọ̀ kí a tó dé ṣọ́ọ̀bù. Òpó karùn-ún ni ọ́ọ̀dì ìkẹyìn, ìyẹn iye tí ohun kan náà wà nígbà tí rẹfirí fẹ́ fọn fèrè kí eré bẹ̀rẹ̀. Òpó kẹfà ni èrè tàbí àdánù.

Òfin tó gbé gbogbo rẹ̀ ró ni pé a gbọ́dọ̀ kọ òpó mẹ́rin àkọ́kọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró títí eré yóò fi parí kó tó kọ̀wé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ìwé náà jẹ́, nítorí pé ọwọ́ máa ń yá láti kọ èyí tó jẹ, ó sì máa ń wúwo láti kọ èyí tó já. Bíírò ni kí a fi kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsù. Bí a bá ṣe àṣìṣe, kí a fa ìlà kan sórí rẹ̀ kí a sì kọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ṣì hàn.

Ìṣirò èrè kò le. Bí a bá fi 1,000 náírà ta eré tí ọ́ọ̀dì rẹ̀ jẹ́ 2.10, tó sì jẹ, 2,100 náírà ni wọn yóò san. Ṣùgbọ́n 1,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó tiwa tẹ́lẹ̀, nítorí náà 1,100 ni èrè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kọ 2,100 sílẹ̀ bí èrè, ibẹ̀ sì ni irọ́ àkọ́kọ́ ti ń wọlé. Bí ó bá já, àdánù 1,000 ni a óò kọ. Bí wọ́n bá fagi lé eré náà tí wọ́n sì dá owó padà, òdo ni a óò kọ, a kò ní pa ìlà náà rẹ́. Bí a bá sáré gba 700 náírà kí eré tó parí nítorí ìbẹ̀rù, àdánù 300 ni, ì báà jẹ́ pé ẹgbẹ́ tí a yàn padà borí níkẹyìn.

Kí ni ọ́ọ̀dì ìkẹyìn ń ṣe nínú ìwé?

Òpó karùn-ún ni àwọn ènìyàn kì í kọ, bẹ́ẹ̀ òun ló tètè ń sọ òtítọ́ jù lọ. Ọ́ọ̀dì kì í dúró sójú kan. Ká ní ní Ọjọ́bọ̀, ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ fi 2.10 sí i pé ẹgbẹ́ tó wà nílé yóò borí. Láti ìgbà náà títí di Sátidé, ìròyìn yóò máa jáde nípa ẹni tó fara pa àti ẹni tí ara rẹ̀ ti yá. Ní bíi wákàtí kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọn yóò kéde orúkọ àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn olówó ńlá tó mọ iṣẹ́ náà dunjú yóò kó owó lé ibi tí wọ́n rò pé iye rẹ̀ kò tọ́, ilé-iṣẹ́ náà yóò sì yí ọ́ọ̀dì rẹ̀ padà. Bí agbábọ́ọ̀lù tó ń jẹ góòlù bá ti padà sínú ẹgbẹ́, 2.10 lè wálẹ̀ di 1.95. Bí kò bá sí nínú wọn, ó lè gòkè di 2.30.

Nígbà tí fèrè bá fẹ́ dún, gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ nípa eré náà ti wọ inú iye yẹn tán. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ tẹ́tẹ́ fi ń fi í ṣe òṣùwọ̀n. Àbájáde eré kan lè jẹ́ orí ire lásán, bọ́ọ̀lù lè kan òpó kó sì wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ń gba 2.10 lórí ohun tí ó ń parí sí 1.95, tí ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, a jẹ́ pé ó ń rí ohun kan ṣáájú àwọn yòókù. Bí ó bá jẹ́ pé 2.10 ló ń gbà lórí ohun tí yóò di 2.20, òun ló ń ra ọjà ní iye tó burú.

Láti ṣírò rẹ̀, ẹ fi ọ́ọ̀dì ìkẹyìn pín ọ́ọ̀dì tí ẹ gbà. 2.10 tí a fi 1.95 pín yóò fún wa ní 1.077, ìyẹn ni pé a fi nǹkan bíi náírà 7.7 lórí 100 sàn ju iye ìkẹyìn lọ. Èyí dára létí, ṣùgbọ́n kí a má tíì jó. Owó ilé-iṣẹ́ ṣì wà nínú ọ́ọ̀dì ìkẹyìn náà, a sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́.

Ká ní nígbà tí fèrè fẹ́ dún, ẹgbẹ́ tó wà nílé wà ní 1.95, ọ̀mì wà ní 3.40, àlejò sì wà ní 3.80. Ẹ pín 100 sí ọ̀nà 1.95, ẹ óò rí 51.3. Ẹ pín 100 sí ọ̀nà 3.40, ẹ óò rí 29.4. Ẹ pín 100 sí ọ̀nà 3.80, ẹ óò rí 26.3. Bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá gba nǹkan kan, àròpọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ì bá jẹ́ 100. Ṣùgbọ́n 107 ni wọ́n jẹ́. Náírà 7 tó lé yẹn ni ilé-iṣẹ́ fi ń jẹun. Láti mọ iye tí ì bá tọ́ ká ní wọn kò gbé nǹkan lé e, ẹ fi 1.07 sọ 1.95 di púpọ̀, yóò di 2.09. Ẹni tó gba 2.10 fi díẹ̀ bàyìí ju 2.09 lọ. Àǹfààní tó dà bíi náírà 7.7 láàárọ̀ kò tó náírà kan mọ́ nínú 100. Ìṣirò yìí kì í ṣe èyí tó péye jù, nítorí pé ilé-iṣẹ́ lè gbé ẹrù náà lé ibì kan ju ibòmíràn lọ, ṣùgbọ́n ó tó fún ìwé tiwa.

Àpẹẹrẹ kan: ìwé Àkànní

Ẹ jẹ́ ká ro ọkùnrin kan, ká pè é ní Àkànní, tó fi 10,000 náírà sínú àkáǹtì tẹ́tẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ó ta eré mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó sì fi 1,000 náírà ta ìkọ̀ọ̀kan. Báyìí ni ìwé rẹ̀ ṣe rí:

Eré kìíní: ó gba 2.10, ìkẹyìn 2.20, ó jẹ, èrè 1,100.
Eré kejì: ó gba 1.80, ìkẹyìn 1.85, ó jẹ, èrè 800.
Eré kẹta: ó gba 3.20, ìkẹyìn 3.50, ó já, àdánù 1,000.
Eré kẹrin: ó gba 1.90, ìkẹyìn 2.00, ó jẹ, èrè 900.
Eré karùn-ún: ó gba 2.50, ìkẹyìn 2.60, ó já, àdánù 1,000.
Eré kẹfà: ó gba 1.75, ìkẹyìn 1.70, ó jẹ, èrè 750.

Èrè jẹ́ 3,550, àdánù jẹ́ 2,000, nítorí náà 1,550 ló kù sí i lọ́wọ́ lórí 6,000 tí ó fi ta tẹ́tẹ́. Àkànní ti ń rò pé iṣẹ́ ti dé. Ó ti ń bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí òun kò fi 5,000 ta ìkọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo òpó karùn-ún. Nínú eré mẹ́fà, ẹyọ kan ṣoṣo ni ọ́ọ̀dì tí ó gbà ti dára ju ti ìkẹyìn lọ. Bí a bá ṣírò ìkọ̀ọ̀kan tí a sì pín àròpọ̀ wọn sí mẹ́fà, Àkànní fi nǹkan bíi náírà 3.6 nínú 100 burú ju ọ́ọ̀dì ìkẹyìn lọ. Bí a bá sì yọ náírà 7 ti ilé-iṣẹ́, bíi náírà 10 nínú 100 ló yẹ kó máa pàdánù. Lórí 6,000, àdánù bíi 600 náírà ni irú ọjà tí ó ń rà yìí yẹ kó bí, kì í ṣe èrè 1,550. Orí ire ló gbé e dé ibi tó wà, eré mẹ́fà sì kéré jọjọ láti fi gbé orí ire yẹ̀ wò. Ẹni tí kò kọ òpó karùn-ún kò ní mọ èyí títí owó yóò fi tán.

Ìwé gbọ́dọ̀ bá àkáǹtì mu

Ọ̀rọ̀ Àkànní kò tíì parí. Àyẹ̀wò kan wà tí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú ìwé tẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ máa ṣe lópin oṣù, kò sì gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ mú owó tó wà nínú àkáǹtì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ẹ fi gbogbo owó tí ẹ san sínú rẹ̀ kún un, ẹ yọ gbogbo èyí tí ẹ gbà jáde, kí ẹ wá ro èrè tó wà nínú ìwé pọ̀ mọ́ ọn, tàbí kí ẹ yọ àdánù. Iye tó bá jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tó wà lójú fóònù. Bí bónọ́ọ̀sì bá wọlé, kí ó ní ìlà tirẹ̀, kí a má kà á mọ́ ọgbọ́n wa.

Àkànní san 10,000, kò gba kọ́bọ̀ jáde, ìwé sì ní ó jèrè 1,550. Ó yẹ kí 11,550 wà níbẹ̀. Nígbà tí ó ṣí fóònù, 9,350 ló bá. 2,200 náírà ti lọ láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó wo àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ náà tọ́jú fún un, ó bá tíkẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá níbẹ̀, igba náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, eré márùn-ún márùn-ún ni ó sì kó sí ìkọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló já. Kò kọ wọ́n nítorí pé lójú tirẹ̀, eré ọwọ́ lásán ni wọ́n, kì í ṣe tẹ́tẹ́ gidi.

Òtítọ́ oṣù yẹn nìyí: 8,200 náírà ló fi ta tẹ́tẹ́, àdánù 650 ló sì ṣe. Ìwé tó sọ pé ó jèrè 1,550 kò ní irọ́ kankan nínú ìlà tó wà níbẹ̀, inú ìlà tí kò sí níbẹ̀ ni irọ́ náà wà. Bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Irú tíkẹ́ẹ̀tì eré márùn-ún bẹ́ẹ̀ ló tún yẹ kí a kọ jù. Náírà 7 tí ilé-iṣẹ́ ń gbé lé eré kan, orí eré kọ̀ọ̀kan ló ń gbé e lé, wọ́n á sì máa sọ ara wọn di púpọ̀. Lórí eré márùn-ún, 107 ti di 140. Ìyẹn ni pé nínú 100 náírà tí àwọn ènìyàn bá fi ta irú rẹ̀, bíi 71 ló yẹ kó máa padà sọ́wọ́ wọn lápapọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kan, ìlà kan ni, kí ọ́ọ̀dì ìkẹyìn rẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo eré inú rẹ̀ tí a fi sọ ara wọn di púpọ̀. Bí eré kan bá já a, àdánù ni. Kò sí òpó tí a ń kọ “ó kù díẹ̀” sí.

Ibi tí òpó karùn-ún ti lè ṣì wá lọ́nà

Ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni kí a wo ọ́ọ̀dì ìkẹyìn. Bí rẹfirí bá ti fọn fèrè, ọ́ọ̀dì eré tó ń lọ lọ́wọ́ ni yóò wà lójú fóònù, èyí kò sì wúlò fún wa. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun yóò wà lójú ọ̀nà lè bẹ ẹlòmíràn kó wò ó fún òun. Bí kò bá ṣeé ṣe, “n kò rí i” ni kí ó kọ síbẹ̀. Kí ó má ṣe méfò, nítorí pé ẹni tó ń méfò kì í méfò lòdì sí ara rẹ̀.

Ibì kan náà ni kí a ti máa wò ó nígbà gbogbo. Bí a bá ń wo ilé-iṣẹ́ mẹ́rin tí a sì ń mú èyí tó bá wa lára mu, a ti padà sí ibi tí a ti ń bọ̀. Ibi tí owó ńlá ti ń wọlé ló dára jù láti wò, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù kékeré lè má yí ọ́ọ̀dì rẹ̀ padà kíákíá. Bákan náà, ọ́ọ̀dì ìkẹyìn líìgì ńlá bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣeé gbára lé ju ti líìgì kékeré tí ènìyàn díẹ̀ ń ta lọ. Ní irú líìgì kékeré bẹ́ẹ̀, iye náà lè yí nítorí owó ẹnìkan ṣoṣo.

Ìgbà wo ni èrè tó ohun tí a lè gbà gbọ́?

Ẹ ju owó ẹyọ sókè ní ìgbà 100. Ká ní 1,000 náírà ni ẹ fi ta ìkọ̀ọ̀kan ní ọ́ọ̀dì 2.00, tí ẹ sì ń sọ pé orí ni yóò hù. Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ènìyàn 100 bá ṣe bẹ́ẹ̀, bíi 18 nínú wọn yóò rí orí ní ìgbà 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò sì fi ó kéré tán 10,000 náírà jèrè. Àwọn 18 yìí ni yóò máa pariwo ní ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá jù ú ní ìgbà 1,000, ẹni tí yóò rí orí ní ìgbà 550 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò tó ẹnìkan nínú 1,000.

Ìdí nìyí tí èrè oṣù kan, tàbí ti tíkẹ́ẹ̀tì 100, kò fi tó ẹ̀rí. Ọ́ọ̀dì ìkẹyìn kì í fò sókè sódò bí èrè ṣe ń fò, nítorí náà láàárín tíkẹ́ẹ̀tì 50 sí 100, ó ti máa ń fi ọ̀nà tí a dorí kọ hàn. Bí a bá jèrè, ṣùgbọ́n tí a burú ju ìkẹyìn lọ bíi ti Àkànní, orí ire ni, kí a má ṣe fi owó kún un. Bí a bá pàdánù, tí a sì dára ju ìkẹyìn lọ lẹ́yìn tí a ti yọ owó ilé-iṣẹ́, a lè ní sùúrù, bí owó tí a fi ń ta á kò bá jẹ́ owó oúnjẹ tàbí owó ilé ìwé ọmọ. Bí a bá pàdánù, tí a tún burú ju ìkẹyìn lọ, ìwé ti sọ̀rọ̀ tán. Àwọn tó máa bá ara wọn níbẹ̀ ló pọ̀ jù, nítorí pé náírà 7 yẹn ti wà lọ́rùn gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Àkànní jókòó ti ìwé rẹ̀ lópin oṣù. Ó kọ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá náà sínú rẹ̀ ní ìlà mọ́kànlá, ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, 650 náà ló jáde. Ó gba 9,350 tó kù jáde kúrò nínú àkáǹtì, ó sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀.